Má fi funfun sábẹ́ funfun: àwọ̀ kọ́mú, pátá àti ṣìmí tó yẹ aṣọ fẹ́lẹ́

Gáùn funfun kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Kọ́tìn fẹ́lẹ́ ni, kò fún mọ́ ara, ó gùn dé agbedeméjì ojúgun, kò sì ní láínììn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́ jáde, mo ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń ṣe: mo wá kọ́mú funfun àti pátá funfun, mo wọ̀ wọ́n sábẹ́ rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Nínú yàrá, níwájú dígí, mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n fi fọ́tò ọjọ́ náà ránṣẹ́ ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ló ti rí kọ́mú mi: okùn èjìká méjèèjì, ìkọ́ tó wà lẹ́yìn, àti ẹsẹ̀ pátá, bí ìgbà tí ènìyàn fi ṣọ́ọ̀kì ya wọ́n sára gáùn náà. Àbúrò mi ló sọ ọ́ fún mi láìfi bò: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ funfun sábẹ́ funfun mọ́."

Ó dùn mí, nítorí mo ti rò pé mo ṣọ́ra. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àwọ̀ kan wé èkejì, lára mi, lára àbúrò mi, àti lára àwọn tí mo ń ránṣọ fún. Èmi dúdú, àbúrò mi pupa fòò, gáùn kan náà sì bá àwa méjèèjì mu. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè fi ojú ara mi rí i pé àwọ̀ tó bo èmi ní àṣírí lè tú àṣírí tirẹ̀.

## Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ aṣọ

Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé aṣọ fẹ́lẹ́, apá kan nínú rẹ̀ á ta padà láti ojú aṣọ, apá kan á gba àárín àwọn fọ́nrán òwú wọlé, á kan ohun tó wà lábẹ́, á sì tún gba ibẹ̀ padà síta wá bá ojú wa. Ohun funfun máa ń dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà. Ara ènìyàn kì í dá tó bẹ́ẹ̀ padà, ara tó dúdú ló sì ń dá èyí tó kéré jù padà. Nítorí náà, níbi tí kọ́mú funfun wà, gáùn á tàn; níbi tí ara nìkan wà, gáùn á ṣú díẹ̀. Ojú kì í rí kọ́mú fúnra rẹ̀. Ààlà tó wà láàárín ibi tó tàn àti ibi tó ṣú ló ń rí, ààlà yẹn ló sì ń ya àwòrán kọ́mú síta.

Ìdí nìyí tí kò fi wúlò láti bi ara ẹni pé, "Àwọ̀ wo ló bá gáùn yìí mu?" Ìbéèrè tó yẹ ni pé, "Àwọ̀ wo ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí ara mi ṣe ń dá a padà?" Bí àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ara bá ń dá ìwọ̀n kan náà padà, ààlà kò ní sí, gáùn á sì rí bákan náà látòkè délẹ̀.

Ohun kejì ni bí aṣọ ṣe súnmọ́ ara tó. Gbé ìwé fẹ́lẹ́ kan lé orí ìwé tí wọ́n kọ nǹkan sí, wàá lè ka àwọn lẹ́tà náà. Gbé e sókè díẹ̀, ní ìwọ̀n ìbú ìka méjì, àwọn lẹ́tà á rú mọ́ra wọn lójú rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ṣe rí. Gáùn tó fẹ̀ á fi nǹkan pamọ́ dáadáa níbi tó ti jìnnà sí ara, ṣùgbọ́n níbi èjìká, àyà àti ìdí, tó ti ń kan ara, ibẹ̀ ló ti máa ń tú àṣírí. Aṣọ tó fún tún burú sí i, nítorí bí aṣọ bá nà, àlàfo àárín fọ́nrán rẹ̀ á fẹ̀ sí i.

## Àwọ̀ márùn-ún, ara méjì, gáùn kan

A mú kọ́mú márùn-ún tí wọ́n rán bákan náà, tí ojú wọn tẹ́jú, tí kò ní léèsì: funfun, èyí tí wọ́n kọ "àwọ̀ ara" sí lára páálí rẹ̀, dúdú, búráùn bíi ṣokoléètì, àti àwọ̀ wáìnì. A dúró ní ìdojúkọ fèrèsé ní ọ̀sán, ọ̀kan wọ gáùn, èkejì dúró síbi tó jìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin.

Funfun hàn lára àwa méjèèjì. Lára mi, ó tàn yanran. Lára àbúrò mi, kò tàn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wò á rí okùn ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ara bá ṣe dúdú tó ni funfun ṣe ń ṣàkóbá fún un tó.

Èyí tí wọ́n pè ní "àwọ̀ ara" ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọ̀ bíi ti iyanrìn ni, tó fẹ́ jọ kírímù. Lára àbúrò mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Mo ní kí ó yí padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí ìkọ́. Lára èmi, ó hàn bíi funfun, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé kò tàn tó o. Ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí kò mọ ara ẹni tó ń rà á. Ọ̀pọ̀ obìnrin dúdú ló ti ra èyí, tí wọ́n wọ̀ ọ́ tọkàntọkàn, tí wọ́n sì rò pé aṣọ ni kò dára nígbà tó hàn. Aṣọ kọ́. Àwọ̀ ara ẹlòmíràn ni wọ́n tà fún wọn.

Dúdú hàn gidigidi lára àbúrò mi, bí òjìji tó dì. Lára èmi, kò burú tó bí mo ṣe rò. Láti ìṣísẹ̀ mẹ́rin, àbúrò mi ní ohun tí òun rí kò ju ibi tó ṣú díẹ̀ lọ, tó ń fà sí àwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí sí ibi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ dáadáa, ó rí etí kọ́mú náà. Ẹni tó dúdú kíríkírí lè wọ dúdú sábẹ́ funfun kó sì bọ́ nínú rẹ̀. Èmi kò dúdú tó bẹ́ẹ̀.

Búráùn ṣokoléètì ló yọ mí. Àbúrò mi wò mí níwájú, ó wò mí lẹ́yìn, ó ní, "Ṣé ẹ tiẹ̀ wọ kọ́mú?" Lára òun, ó dà bí dúdú tí wọ́n fi omi là: ó ṣú ju ara rẹ̀ lọ, ó sì hàn.

Wáìnì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbàgbọ́ títí wọn yóò fi rí i. Báwo ni àwọ̀ tó pọ́n bẹ́ẹ̀ ṣe lè pamọ́ sábẹ́ funfun? Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ awọ ara, ara ènìyàn kankan kò sì ṣe aláìní pupa díẹ̀ nínú. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ta padà láti ara, pupa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wáìnì sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ó tún jẹ́ àwọ̀ tó ṣú, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà kò ju ti ara dúdú lọ. Lára mi, ó tó búráùn ṣokoléètì ní ìwọ̀n mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, nínú yàrá tí iná rẹ̀ pọ́n díẹ̀ pàápàá, mi ò mọ èyí tí mo lè yàn. Ẹni tí ara rẹ̀ wà láàárín, tí kò pupa tí kò sì dúdú, á rí i pé pupa bíi bíríkì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún un. Àbúrò mi wọ píǹkì tó ti ṣá, tó fẹ́ di búráùn, ìyẹn sì bá a lára mu ju wáìnì lọ. Pupa tó ń pariwo bíi ti ata kò dára fún ẹnikẹ́ni nínú wa: ó máa ń kun gáùn funfun ní píǹkì.

Bí mo bá ní kí n yan ọ̀kan fún ẹni dúdú, búráùn tó bá ikùn rẹ̀ mu ni. Bí kò bá rí i rà, kí ó ra wáìnì. Wáìnì pọ̀ lọ́jà ju búráùn gidi lọ, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí àwọ̀ tó dára tí ènìyàn kò rí rà kò lè bo ẹnikẹ́ni.

## Ibi tí a ti ń wo àwọ̀ ara wa

Mo dárúkọ ikùn, mo sì mọ ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa máa ń gbé kọ́mú lé ẹ̀yìn ọwọ́ láti mọ̀ bóyá ó bá ara mu. Ẹ̀yìn ọwọ́ ń rí oòrùn lójoojúmọ́, ó sì máa ń ṣú ju àyà àti ikùn lọ. Àyà, ẹ̀yìn àti ìdí ni kọ́mú àti pátá máa ń wà, àwọ̀ wọn ni kí a wò. Bí o kò bá lè ṣí ikùn síbi tí o ti ń rà á, inú apá, ní òkè ìgbọ̀nwọ́ níbi tó dojú kọ ìhà, súnmọ́ ọn jù.

Ọgbọ́n kan wà tí mo máa ń lò nígbà tí ojú mi bá ń ṣiyèméjì láàárín àwọ̀ méjì. Mo gbé àwọn méjèèjì lé inú apá mi, mo fi fóònù ya fọ́tò láìtan fíláàṣì, mo sì sọ fọ́tò náà di èyí tí kò ní àwọ̀, tó kù funfun àti dúdú nìkan. Èyí tó bá ṣòro jù láti yà sọ́tọ̀ kúrò lára apá nínú fọ́tò yẹn ni mo mú. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ló ń pa àwòrán tàbí tó ń yọ ọ́ lábẹ́ aṣọ funfun, orúkọ àwọ̀ kọ́. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé wáìnì kan tí mo rò pé ó ṣú tó ṣì tàn ju ara mi lọ.

Bí èyí tó bá ọ mu kò bá sí rárá, a lè pa kọ́mú láró. Kọ́mú kọ́tìn tàbí ti náílọ́ọ̀nù máa ń gba aró búráùn tí wọ́n ń tà fún aṣọ. Ti pọlíẹ́sítà kì í gba irú aró bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á kàn rú ni. Wo àkọlé tó wà nínú rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Okùn, rọ́bà àti ojú kọ́mú lè má mu aró bákan náà, nítorí onírúurú fọ́nrán ni wọ́n sábà máa ń pa pọ̀ ṣe é. Fi èyí tó ti gbó dán an wò ná.

## Ṣìmí: ṣé ti àwọ̀ ara ni, àbí ti àwọ̀ gáùn?

Kọ́mú àti pátá kò ṣòro, ara la fi ń yàn wọ́n. Ṣìmí ló ní ọ̀nà méjì, ọ̀nà méjèèjì ló sì ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ṣìmí tó bá ara mu ń ṣe bí ara kejì. Ó ń bo etí pátá, ó ń bo okùn, ibi tí òun fúnra rẹ̀ parí sí kò sì ní hàn, nítorí pé ara tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí i. Ó lè gùn dé orúnkún lábẹ́ gáùn tó gùn dé kókósẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tó pin sí. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa ni pé gáùn yóò máa rí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ilà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ọ́ lè rò pé ara rẹ lòun ń rí. Àwọn kan kò bìkítà. Àwọn mìíràn, ara wọn kò ní balẹ̀ rárá, mi ò sì lè sọ pé wọ́n ṣàṣejù.

Ṣìmí tó bá gáùn mu ń mú kí aṣọ dì sí i. Funfun lórí funfun báyìí á dára, nítorí kì í ṣe igun kékeré kan ló funfun mọ́. Gbogbo ìsàlẹ̀ gáùn ló funfun, kò sì sí ààlà. Gáùn á mọ́ sí i, á níyì sí i. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo tí ṣìmí bá ti parí ni ààlà yóò ti yọ: ọrùn, abíyá, ìṣẹ́tí. Bí o bá wọ ṣìmí funfun tó mọ ní orúnkún sábẹ́ gáùn tó gùn dé ojúgun, gáùn náà á funfun láti òkè dé orúnkún, á sì ṣú nísàlẹ̀, bí aṣọ tí omi rẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Gáùn mi gùn ní íǹṣì 46 láti èjìká dé ìṣẹ́tí. Ṣìmí funfun tí mo ní gùn ní íǹṣì 38, ó sì parí sókè orúnkún mi díẹ̀. Ilà rẹ̀ hàn kedere. Okùn rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tún hàn lórí èjìká bíi ti kọ́mú funfun gan-an, nítorí ara ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Mo wá rán òmíràn. Mo gé e ní íǹṣì 44 àti ààbọ̀, kí ó fi íǹṣì kan àti ààbọ̀ kúrú sí gáùn; bí ó bá dọ́gba pẹ̀lú gáùn, á máa yọ jáde tí mo bá ń rìn tàbí tí mo bá jókòó. Mi ò fi okùn sí i. Mo gé ọrùn àti abíyá rẹ̀ tẹ̀lé ti gáùn, mo kàn fi ààbọ̀ íǹṣì sún un sínú. Báyìí ni ààlà òkè ṣe bọ́ sí abẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ọrùn gáùn po, níbi tí aṣọ ti pé ìpele méjì, kò sì hàn mọ́.

Kí n tó ra aṣọ tí mo fi rán an, mo ká aṣọ gáùn sí ìpele méjì, mo ki ọwọ́ mi bọ abẹ́ rẹ̀. Mo ṣì ń rí ìka mi. Ìyẹn sọ fún mi pé bí mo bá fi irú aṣọ gáùn náà rán ṣìmí, iṣẹ́ òfo ni. Mo lọ mú kọ́tìn tí wọ́n hun mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo tún un dán wò, ìka sì pòórá. Nígbà náà ni mo gé e.

Kọ́mú àti pátá búráùn ni mo ń wọ̀ sábẹ́ ṣìmí funfun yìí. Àwọn kan á ní níwọ̀n ìgbà tí ṣìmí ti wà, kí ènìyàn wọ èyí tó bá wù ú. Bí ṣìmí bá dì gan-an, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣìmí tó dì gan-an máa ń mú ooru, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í wọ irú rẹ̀. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó bá ara mu pẹ̀lú ṣìmí tó bá gáùn mu ni mo fọkàn tán jù, nítorí bí ọ̀kan bá kùnà, èkejì ṣì ń bò ọ́.

Kírímù àti funfun kì í ṣe ọmọ ìyá. Ṣìmí tó funfun gbòò lábẹ́ gáùn kírímù máa ń jẹ́ kí gáùn náà rí bí ohun tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Gbé méjèèjì léra ní ìta, nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, kí o tó sọ pé wọ́n bára mu.

Ní ti yẹ̀rì, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, síkẹ́ẹ̀tì ló wà fún. Bí o bá wọ yẹ̀rì funfun sábẹ́ gáùn funfun fẹ́lẹ́, ìsàlẹ̀ á funfun ju òkè lọ, ìlà á sì yọ sí ìbàdí. Bí ó bá pọn dandan láti wọ̀ ọ́ sábẹ́ gáùn, kí ó jẹ́ èyí tó bá ara mu.

## Aṣọ tó ṣú tó sì fẹ́lẹ́

Òfin ara yìí bá gbogbo aṣọ tó mọ́ mu: àwọ̀ òféfèé, píǹkì tó mọ́, yẹ́lò tó rọra pọ́n. Bí a bá dé orí ṣífọ́ọ̀nù dúdú tàbí búlúù tó ṣú, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀.

Lábẹ́ dúdú, funfun ló burú jù láìsí àní-àní, kódà àwọn tó pupa kò gbọdọ̀ dán an wò. Fún èmi, kọ́mú dúdú tàbí búráùn, ìkan náà ni; kò sí èyí tó hàn. Fún àbúrò mi, kọ́mú dúdú lábẹ́ ṣífọ́ọ̀nù dúdú hàn, nítorí ara rẹ̀ tó pupa ń yọ láti abẹ́ aṣọ náà, kọ́mú sì ṣú sí àárín rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló ní: kí ó wọ èyí tó bá ara rẹ̀ mu, tàbí kí ó wọ ṣìmí dúdú tó gùn, kí ara rẹ̀ má yọ rárá. Ṣìmí dúdú ló ń yàn, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Aṣọ dúdú ní àǹfààní tí funfun kò ní: aṣọ dúdú tó hun mọ́ra díẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, kò ní láti nípọn kí ó tó bo nǹkan.

Ẹni tí yóò lọ síbi tí wọ́n ti ń tan iná aláwọ̀ àlùkò tó ń mú ohun funfun tàn rekete nínú òkùnkùn, kí ó ṣọ́ra pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ ní ohun tó ń mú funfun mọ́ sí i, ohun yẹn ló ń gba irú iná bẹ́ẹ̀ tó sì ń tàn. Kọ́mú funfun tí wọ́n fi irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ fọ̀ lè tàn jáde láti abẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ tó ṣú pàápàá.

## Ohun tí àwọ̀ kọ́mú kò lè tún ṣe

Oòrùn tó wà lẹ́yìn rẹ kò bìkítà nípa àwọ̀ pátá. Bí o bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹni tó wà níwájú rẹ á rí òjìji ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì àti àlàfo àárín wọn. Ṣìmí nìkan ló ń dá èyí dúró. Nínú ṣìmí méjì tí wọ́n hun bákan náà, èyí tó ṣú ló ń dí ìmọ́lẹ̀ jù, nítorí funfun ṣì máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Nítorí náà, bí mo bá mọ̀ pé ìta ni mo máa wà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣìmí búráùn ni mo ń wọ̀ sábẹ́ gáùn funfun mi. Bó bá jẹ́ inú ilé ni, mo ń wọ ti funfun, kí gáùn lè mọ́ dáadáa.

Omi ni èkejì. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín fọ́nrán òwú ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa fọ́n káàkiri nínú aṣọ, ìyẹn ló sì ń mú kí aṣọ funfun lè bo nǹkan. Bí omi bá rọ́pò afẹ́fẹ́ yẹn, ìmọ́lẹ̀ á máa kọjá tààrà, aṣọ á sì mọ́ gaara. Òógùn tó wà lẹ́yìn àti lábẹ́ ọmú ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, aṣọ tútù sì tún ń lẹ̀ mọ́ ara. Ìpele méjì tó lè bò ọ́ ní gbígbẹ lè má bò ọ́ ní tútù. Níbi tí òógùn bá ti pọ̀, kọ́mú tó bá ara mu ṣe pàtàkì ju ṣìmí lọ.

Ẹ̀kẹta ni etí àti òdòdó. Kọ́mú búráùn tó ní léèsì gbọ̀ngbọ̀n á ya òdòdó rẹ̀ sára gáùn tó fún, kì í ṣe nípa àwọ̀ bí kò ṣe nípa bó ṣe wú. Sátìn tó ń dán náà lè tàn jáde bí iná bá bọ́ sí i, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ bá ara mu tó. Ojú tó tẹ́jú tí kò dán, etí tí wọ́n gé láìṣẹ́ po, tí kò sì ní rọ́bà tó nípọn, ni mo ń wá.

Kí n tó jáde báyìí, mi ò gbára lé dígí inú yàrá mọ́. Iná yàrá kì í sábà tó ìmọ́lẹ̀ ìta. Mo dúró ní ìdojúkọ fèrèsé, mo yí ẹ̀yìn sí i, mo tẹ̀ ba bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀ kí aṣọ lè nà níbi ìdí, mo sì ní kí ẹnìkan ya fọ́tò mi níwájú àti lẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú fíláàṣì, lẹ́ẹ̀kan láìsí i. Fíláàṣì ló tú àṣírí mi nínú fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nítorí ó ń wọ inú aṣọ tààrà, ó sì ń ta padà láti ara ohun funfun. Bí fọ́tò fíláàṣì náà bá mọ́, mo lè jáde.

Àwọn ọkùnrin náà ń bi mí nípa ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: síńgílẹ́ẹ̀tì funfun máa ń ya ọrùn àti apá rẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó pupa lè wọ èyí tó ní àwọ̀ eérú tó mọ́ tàbí ti iyanrìn. Fún ọkùnrin dúdú, eérú tó ṣú tàbí búráùn ni, kí ọrùn rẹ̀ sì gé wọlé dáadáa, kí ó má baà yọ níbi tí bọ́tìnnì òkè ti ṣí. Mo rán irú rẹ̀ fún ọkọ àbúrò mi ní búráùn, mo sì sọ apá rẹ̀ di gígùn díẹ̀ kí etí rẹ̀ lè bọ́ sísàlẹ̀ ibi tí apá ṣẹ́ẹ̀tì ti fún jù.